Pátákó ìgé-adìẹ: fífọ̀, sánítáìsì àti dísínfẹ́tì, àti bí ìdánwò ìmọ́tótó oúnjẹ ṣe ń to ìgbésẹ̀ wọn

Ẹ jẹ́ ká mú pátákó ìgé-ẹran kan ní ilé oúnjẹ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n gé adìẹ tútù lórí rẹ̀. Wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ olómi fọ̀ ọ́, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n sì fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún gbẹ. Ó funfun, kò rùn, kò sì yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Kàbéèjì àti kùkúḿbà tí wọn kò ní sè ló kàn láti gé lórí rẹ̀. Bí ìbéèrè yìí bá jáde nínú ìdánwò, ìdáhùn ni pé pátákó náà kò tíì ṣeé lò. Ìgbésẹ̀ kan ni wọ́n fò, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ṣe lódì.

Kí a tó lọ síwájú: ìdánwò tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ wò. Àyẹ̀wò ara nìyẹn. Ìdánwò ìmọ̀ ni tiwa, irú èyí tí àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ńlá, ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní òkè òkun máa ń jókòó sí lórí ẹ̀rọ ayélujára, tí wọ́n á sì gba sàtífíkéètì rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Fífọ̀ ni pé kí a mú ohun tí ojú ń rí kúrò: èérún ẹran, ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, eruku. Ọṣẹ, omi àti agbára ọwọ́ ló ń ṣe é. Kòkòrò àìfojúrí púpọ̀ máa ń bá ìdọ̀tí náà lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù lára pátákó ṣì wà láàyè. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ máa ń tú wọn kúrò lójú ibi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ni, kì í ṣe pé ó ń pa gbogbo wọn.

Sánítáìsì ni pé kí a dín kòkòrò tó kù lára ohun tó ti mọ́ kù dé ìwọ̀n tí kò lè pa ẹni tó bá jẹun lára. Oògùn tàbí omi gbígbóná gan-an ló ń ṣe é. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí oògùn kan fún ojú ibi tí oúnjẹ ń kàn, ó gbọ́dọ̀ lè pa 99,999 nínú gbogbo 100,000 bakitéríà tí wọ́n fi dán an wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ kíyè sí i pé bakitéríà ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò sí nínú ìdánwò yẹn.

Dísínfẹ́tì le ju ìyẹn lọ. Oògùn rẹ̀ pọ̀ sí i nínú omi, ó ń pẹ́ lára nǹkan sí i, oríṣi kòkòrò tó ń pa sì pọ̀ sí i, àwọn fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ilé ìgbẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ tí ènìyàn bì sí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà sí ni a máa ń ṣe é fún. Bí ó bá kan ibi tí oúnjẹ ń kàn, a gbọ́dọ̀ fi omi mímọ́ ṣan án kúrò kí oúnjẹ tó padà débẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ kẹrin sínú ìdáhùn láti fi dẹ pàkúté, ìyẹn pípa gbogbo kòkòrò láìku ẹyọ kan, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn. Kò sí ilé ìdáná tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún abọ́. Bí ẹ bá rí i nínú ìdáhùn ìbéèrè lórí pátákó, ẹ fò ó.

Ìdí tí a kò fi lè yí ètò rẹ̀ padà

Ètò tí ìdánwò Amẹ́ríkà, bíi ServSafe, ń retí ni: ẹ há èérún kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣan án, ẹ sánítáìsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá há èyí sórí láìmọ ìdí rẹ̀ á ṣìnà nígbà tí wọ́n bá yí ìbéèrè po díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe di èyí tó tẹ̀ lé e mú.

Kùlórínì inú blíìṣì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bakitéríà àti èérún ẹran. Ohunkóhun tó bá ti ara ẹran tàbí ewébẹ̀ wá ló máa ń bá jà, bó bá sì ti bá a jà tán, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Bí a bá da omi blíìṣì sórí pátákó tí ẹ̀jẹ̀ adìẹ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ló máa jẹ oògùn yẹn run, bakitéríà tó sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí fífọ̀ fi ń ṣáájú. Pátákó tí a kò fọ̀ kò ṣeé sánítáìsì, bó ti wù kí blíìṣì pọ̀ tó.

Ṣíṣan tó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, nítorí wọ́n rò pé omi oògùn fúnra rẹ̀ á ṣan ọṣẹ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó wà nínú fóòmù á wọ inú omi oògùn, wọ́n á sì máa sọ ọ́ di aláìlágbára láti abọ́ kan sí èkejì. Oògùn tí wọ́n ń pè ní kúwáàtì, tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì máa ń lò dípò blíìṣì, tilẹ̀ burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọṣẹ ìfọbọ́ lásán a máa so mọ́ ọn, a sì pa agbára rẹ̀. Nígbà tí fóòmù bá ti ń léfòó lórí omi oògùn, ẹ mọ̀ pé omi ìṣan kò ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Aṣọ ìnuwọ́ ni àṣìṣe tó kẹ́yìn nínú ìtàn pátákó wa. Aṣọ yẹn ti nu ọwọ́, ó ti nu tábìlì, ó ti nu ètè ìkòkò. Bí a bá fi nu pátákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sánítáìsì, ohun tí a ti pa la tún ń fi padà sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara pátákó ṣì tutù, nínù sì máa ń gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú. Bí ìdánwò bá béèrè bí a ṣe ń gbẹ abọ́, afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn. Aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́, aṣọ ìnuwọ́ tuntun, gbogbo wọn ni àwọn ìdáhùn tí wọ́n fi ń tan ènìyàn.

Pátákó náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ilé oúnjẹ tó ní síǹkì oníhò mẹ́ta kò pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n bàsíà mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí a bá tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, tí a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ọ̀kan. Kí omi tó wọ inú wọn rárá, ẹ kọ́kọ́ fọ àwọn bàsíà náà àti orí tábìlì tí abọ́ máa gbẹ sí, kí ẹ sì sánítáìsì wọn. Ìdánwò máa ń béèrè èyí gan-an: kí ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe kí a tó fọ abọ́ nínú síǹkì oníhò mẹ́ta? Ìdáhùn kì í ṣe híhá èérún. Fífọ síǹkì fúnra rẹ̀ ni.

Bàsíà kìíní jẹ́ ti ọṣẹ àti omi gbígbóná. Ìwọ̀n tí ìdánwò Amẹ́ríkà ń kọ́ni ni 43°C, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní 110°F lójú ìbéèrè. Bí ẹ kò bá ní tẹmomítà, ẹ po omi tó ń hó lítà 2 mọ́ omi ẹ̀rọ lásán lítà 6. Omi ẹ̀rọ l'Ábẹ́òkúta kì í sábà tutù ju 25°C sí 28°C lọ, nítorí náà àpòpọ̀ náà á bọ́ sí nǹkan bíi 45°C. Ó máa gbóná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní jó yín. Bó bá ti lọ wọ́ọ́rọ́, tí ọ̀rá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì lẹ́bàá bàsíà, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ há èérún adìẹ kúrò lórí pátákó sínú ohun ìdalẹ̀sí, kì í ṣe sínú bàsíà. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú bàsíà kìíní, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí ọ̀bẹ ti gé e wọlé ni kí ẹ bá jà jù. Bí búrọ́ọ̀ṣì kò bá lè dé ìsàlẹ̀ ojú ọgbẹ́ náà, kò sí oògùn tó máa dé ibẹ̀: pátákó yẹn ti tó jù nù, tàbí kí káfíńtà fá ojú rẹ̀ bó bá jẹ́ igi. Ẹ má ṣe fi kàn-ìn-kàn-ìn tó ti ń rùn gbo o.

Bàsíà kejì jẹ́ ti omi mímọ́ lásán. Ẹ ṣan pátákó náà títí tí kò fi sí fóòmù lára rẹ̀ mọ́. Bí omi bá ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ, ẹ lò ó dípò bàsíà, ó dára jù. Bó bá jẹ́ bàsíà ni, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti dàbí omi ọṣẹ.

Bàsíà kẹta ni ti oògùn. Ìṣirò wà níbí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Àmì `ppm` tí ẹ máa rí lójú ìdánwò àti lára pépà ìdánwò-oògùn ń sọ iye ẹ̀yà oògùn tó wà nínú mílíọ̀nù kan ẹ̀yà omi. Fún kùlórínì, ìwọ̀n tí ServSafe ń kọ́ni ni 50 sí 99 `ppm`, nínú omi tí kò tutù ju 24°C lọ, ìyẹn 75°F, kí ohun tí a rì sínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 7, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ blíìṣì tí wọ́n ń tà ní Láfẹ́nwá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní haípò bó ti wù kí orúkọ ara ìgò jẹ́, jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni 35,000 `ppm`. Bí ẹ bá da mílílítà 20 rẹ̀ sínú omi lítà 10, ohun tí ẹ máa ní rèé:

```
20 × 35,000 ÷ 10,000 = 70 ppm
```

70 bọ́ sí àárín ìwọ̀n náà dáadáa. Mílílítà 20 jẹ́ ṣíbí tíì kékeré mẹ́rin, ṣùgbọ́n ṣíbí kò dọ́gba. Sìríńjì mílílítà 10 láti ilé ìtajà oògùn, láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ló péye jù. Ẹ fà á kún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4 lẹ ń lò, mílílítà 8 ló máa gbà. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, nítorí bí blíìṣì náà bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà 20 yẹn á gbé e dé 100, ó ti kọjá nìyẹn. Mílílítà 15 ló máa fún yín ní 75. Èyí tí wọ́n fi òórùn dídùn sí, tàbí tó ki bí ògì kí ó má bàa ta síni lára, kì í ṣe fún ojú ibi tí oúnjẹ ń kàn.

Kí ló dé tí a kò kàn da púpọ̀ sí i, kó lè dá wa lójú? Nítorí pé bí oògùn bá pọ̀ jù, òun náà á di ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ máa ní láti fi omi ṣan pátákó lẹ́yìn rẹ̀, omi àti ọwọ́ tí ẹ fi ṣan án sì lè tún gbé kòkòrò padà wá. Ní 70 `ppm`, a kì í ṣan án lẹ́yìn sánítáìsì. Ó tún ń jẹ irin: ọ̀bẹ tí wọ́n ń rì sínú omi blíìṣì tó le lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá dúdú.

Ẹ má po blíìṣì mọ́ omi gbígbóná. Kùlórínì á bá ooru fò lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa fà á símú. Omi ẹ̀rọ lásán ló yẹ bàsíà kẹta. Ní àárọ̀ ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra, torí omi inú àgbá lè tutù ju 24°C lọ ní kùtùkùtù; omi gbígbóná díẹ̀ tí ẹ bù sí i kí blíìṣì tó wọ̀ ọ́ máa tún un ṣe.

Ẹ rì pátákó náà sínú bàsíà kẹta kí gbogbo ara rẹ̀ wọ omi. Ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni ìdánwò ń fẹ́. Nínú iṣẹ́, ẹ kà dé 30, kò ná yín ní nǹkan kan, ìkánjú sì máa ń sọ ìṣẹ́jú-àáyá 7 di 2. Bí pátákó bá tóbi ju bàsíà lọ, ẹ bu omi oògùn náà sí i kó bò ó tán, kó sì wà ní tútù fún iye àsìkò kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró ní etí kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má tò ó lé orí ara wọn bó bá ṣì tutù, nítorí ọ̀rinrin àárín wọn ni bakitéríà ń fẹ́. Ẹ má sì gbé e lé orí ògiri níta. Eruku títì Pánṣẹ́kẹ́ àti eṣinṣin á sọ iṣẹ́ yín di asán kó tó gbẹ.

Ẹ pa omi bàsíà kẹta mọ́ sí ibi tí oòrùn kò ti pa á. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń pa kùlórínì, blíìṣì inú ìgò tó ti pẹ́ lójú fèrèsé náà ti pàdánù agbára rẹ̀, nítorí náà ìṣirò 70 tí ẹ ṣe lè di 30 láìsí pé ẹ mọ̀. Imú kò lè sọ fún yín. Pépà ìdánwò-kùlórínì ló lè sọ ọ́: ẹ tì í bọ omi, kí ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọn àwọ̀ ara páálí rẹ̀ bí wọ́n ti kọ ọ́. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 50 lọ, tàbí tí omi ti dàrú, tàbí tí fóòmù wà lórí rẹ̀, ẹ dà á nù. Fífi blíìṣì kún omi ìdọ̀tí kì í tún un ṣe.

Ìgbà wo ni a tún un ṣe?

Pátákó wa ti mọ́. Bí wọ́n bá ń gé kàbéèjì lórí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un fọ̀ kí wọ́n sì sánítáìsì rẹ̀, nítorí wákàtí 4 ni òpin ìlò láìdáwọ́ dúró nínú ìdánwò Amẹ́ríkà. Wọn kò ní dúró de wákàtí 4 bí wọ́n bá fẹ́ yí láti oúnjẹ kan sí òmíràn, pàápàá láti ẹran tútù sí ohun tí a kò ní sè, tàbí bí wọ́n bá lọ gbé ìpè, tí ọwọ́ tàbí nǹkan mìíràn sì lè ti kan pátákó. Ìbéèrè máa ń fi wákàtí 2 tàbí 6 sínú ìdáhùn. 4 ni.

Ohun tí a kò lè gbé wọ bàsíà, bíi bílẹ́ńdà ńlá tàbí ẹ̀rọ ìgéran, ní ìgbésẹ̀ kan tó ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó yọ àwọn ẹ̀yà tó ṣeé yọ, kí ẹ lọ fọ̀ wọ́n nínú bàsíà, kí ẹ sì wá ṣe ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: há, fọ̀, ṣan, sánítáìsì, jẹ́ kó gbẹ. Pé iná ti lọ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti yọ. Iná lè dé nígbà tí ìka wà lára abẹ.

Ìdánwò Ìlú Ọba kò sọ ọ̀rọ̀ náà bákan náà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ iṣẹ́ dáadáa ti ń pàdánù máàkì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdánwò tí ẹ jókòó sí, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sánítáìsì lójú ẹ̀rọ: bí lẹ́tà z bá wà nínú rẹ̀, tí ooru sì wà ní °F, Amẹ́ríkà ni. Bí s bá dúró níbẹ̀, tí ooru sì wà ní °C, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Ìlú Ọba.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, dísínfẹ́tì jẹ́ ti ilé ìgbẹ́ àti ilẹ̀, sánítáìsì sì jẹ́ ti abọ́ àti pátákó. Nílùú Ọba, dísínfẹ́tì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí pátákó náà, ìyẹn dídín kòkòrò kù dé ìwọ̀n tí kò léwu. Ohun tí wọ́n ń pè ní sánítáísà níbẹ̀ jẹ́ oògùn kan ṣoṣo tó ń fọ̀ tó sì tún ń pa kòkòrò, tó sábà máa ń wà nínú ìgò olófọ́n. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè Ìlú Ọba pẹ̀lú ìtumọ̀ Amẹ́ríkà á sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dísínfẹ́tì pátákó. Ó ti pàdánù máàkì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni Ìlú Ọba máa ń kọ́ni. Ẹ há èérún kúrò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ ṣan án. Ẹ fi oògùn dísínfẹ́tì sí i fún iye àsìkò tí ara ìgò sọ. Ẹ tún un ṣan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ṣíṣan kejì yẹn ni ohun tó yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Oògùn kan wà tí ara ìgò rẹ̀ sọ pé kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ní kí ẹ to ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ó wà nínú wọn.

Bí ẹ bá ń lo sánítáísà olófọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fọ́n ọn. Ẹ̀ẹ̀kíní ni láti fọ̀: ẹ fọ́n ọn, ẹ nù ún kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni láti pa kòkòrò: ẹ fọ́n ọn sórí ojú tó ti mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún iye àsìkò ara ìgò. Ẹni tó bá fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan tó sì nù ún lójú ẹsẹ̀, fífọ̀ nìkan ló ṣe, bó ti wù kí oògùn náà wọ́n tó.

Omi gbígbóná náà yàtọ̀. Bí ẹ kò bá lo oògùn, tí ẹ rì abọ́ sínú omi gbígbóná dípò rẹ̀, 77°C, ìyẹn 171°F, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ìdánwò Amẹ́ríkà ń fẹ́. 82°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni èyí tí wọ́n sábà ń kọ́ni ní Ìlú Ọba. Ìyẹn kì í ṣe omi tí ọwọ́ lè wọ̀. Agbọ̀n onírin ni a fi ń rì abọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn bá bì

Ní ilé oúnjẹ kan náà, ọmọ oníbàárà kan bì sí ilẹ̀ lẹ́bàá tábìlì. Omi bàsíà kẹta kò lè ṣe èyí. Nóróváírọ́ọ̀sì, tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kú nínú 70 `ppm`, kúwáàtì púpọ̀ náà kì í sì í kápá rẹ̀. Dísínfẹ́tì ló yẹ ibẹ̀, ètò ìṣáájú ṣì dúró: ìdọ̀tí kọ́kọ́ lọ, oògùn tẹ̀ lé e.

Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n jọ̀wọ́ sún kúrò níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ fi pépà tó ń fa omi bo èébì náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù méjì tí ẹ di pa. Ẹ má gbá a, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ tàn án ká. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ ṣan án. Nígbà náà ni kí ẹ da oògùn sí i. Àjọ tó ń bójú tó àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, CDC, ń fẹ́ 1,000 sí 5,000 `ppm`, kó sì wà lórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó kéré tán. Pẹ̀lú blíìṣì ìdá 3.5, ife blíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà máa fún yín ní 5,000. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣan ibẹ̀, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Oúnjẹ tó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ohun kan wà tí ènìyàn kì í rò nígbà tó bá ń kánjú láti mú òórùn kúrò: wọn a máa da oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́ tó ní ásíìdì mọ́ blíìṣì. Kùlórínì tí ó bá jáde níbẹ̀ ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Fínígà àti omi òrombò náà jẹ́ ásíìdì. Oògùn tó ní àmónyà pẹ̀lú blíìṣì sì ń mú gáàsì burúkú mìíràn jáde. Omi lásán nìkan ni a ń po mọ́ blíìṣì. Bí ẹ bá ti po ohun mìíràn mọ́ ọn, tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ má dúró láti nù ún.

Bí wọ́n ṣe ń yí ìbéèrè po

"Alágbàṣe kan fọ pátákó, ó rì í sínú omi oògùn, ó fi omi ẹ̀rọ ṣan án. Kí ló ṣe láìdáa?" Ó fi ṣíṣan sí ìgbẹ̀yìn dípò àárín. Nínú ìdánwò Amẹ́ríkà, ó gba sánítáìsì kúrò, ó sì fi ọṣẹ sínú bàsíà kẹta.

"Kí ni iṣẹ́ pàtàkì fífọ̀?" Ìdáhùn tó bá dárúkọ kòkòrò kì í ṣe èyí tó tọ́. Ìdọ̀tí ni fífọ̀ ń mú kúrò.

"Pépà ìdánwò fi 200 `ppm` hàn nínú omi kùlórínì. Kí ni ẹ máa ṣe?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé kí wọ́n lò ó nítorí pé ó lágbára. Ẹ fi omi kún un, kí ẹ tún un dán wò. Bí bàsíà lítà 10 bá jẹ́ 200, omi lítà 15 àfikún máa gbé e wálẹ̀ sí 80. Nínú iṣẹ́, ó rọrùn láti dà á nù kí ẹ po tuntun.

"Kí ni a ṣe pẹ̀lú aṣọ ìnutábìlì láàárín ìlò kan sí èkejì?" Inú omi oògùn ni ó ń wà, kì í ṣe èjìká, kì í ṣe ìdí ìró. Aṣọ tí wọ́n fi nu ibi tí adìẹ tútù wà ní abọ́ oògùn tirẹ̀ lọ́tọ̀.